"Ikú Èdè Yorùbá" Kì í Ṣe Ìbéèrè: Bí Ẹgbẹ̀fà Náírà Ṣe Di Iṣẹ́ Àpilẹ̀kọ

Lọ́dọọdún, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún kẹrin bá ti ń wá ohun tí wọ́n máa kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wọn lé lórí, ẹnì kan ò ní ṣàì gbé kókó yìí wọ ọ́fíìsì mi: "Ikú tó ń pa èdè Yorùbá." Ẹlòmíràn á wé láwàní sí i lórí: "Ipa Ọ̀làjú Lórí Èdè Yorùbá Ní Ilẹ̀ Nàìjíríà." Ọ̀kan náà ni méjèèjì. Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, ó sì ń dun ọmọ náà lọ́kàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ìbéèrè kankan níbẹ̀. Tí mo bá ní kó jáde lọ́la kó lọ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, kò mọ ibi tí ó máa dojú kọ, kò mọ ẹni tí ó máa bá sọ̀rọ̀, kò sì mọ ìgbà tí iṣẹ́ máa parí.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé bí a ṣe ń tú irú kókó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Mo ti pa orúkọ rẹ̀ mọ́, mo sì ti da ohun tí mo rí lára ọ̀pọ̀ ọmọ pọ̀ mọ́ tirẹ̀, nítorí ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà.

Mi ò kọ́kọ́ bi í pé kí ni kókó rẹ̀ túmọ̀ sí. Bí mo bá bi í bẹ́ẹ̀, ìtumọ̀ láti inú ìwé ni yóò máa kà fún mi. Ohun tí mo bi í ni pé: "Ìgbà wo ni ìwọ fúnra rẹ fi etí ara rẹ gbọ́ ikú tí o ń sọ yìí?"

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Mà, ìyá àgbà mi ló rán mi lọ ra ata. Wọ́n ní tí wọ́n bá ti pè é ju ẹgbẹ̀fà lọ, kí n máa bọ̀ nílé. Mo dé ìsọ̀, mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ ẹgbẹ̀fà. Mo ń rò ó pé ṣé ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ni àbí ẹgbẹ̀ta. Nígbà tí mo padà délé, wọ́n ní wan táósàn tú họ́ńdírẹ́ẹ̀dì ni. Inú bí mi. Ọmọ Yorùbá ni mí, Yorùbá ni mò ń kà ní yunifásítì."

Mo ní kó má gbé ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ìtàn yẹn ló kéré jù nínú gbogbo ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, òun ló sì wúlò jù. Nínú "ikú èdè Yorùbá," kò sí ohun tí ènìyàn lè kà. Nínú "ẹgbẹ̀fà," ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnì kan pè, tí ẹlòmíràn kò mọ̀, ní ọjọ́ kan, ní ìdí ọjà. A lè lọ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kí a tó lọ síwájú, ó yẹ kí a mọ ohun tí ọmọ yìí kò mọ̀, nítorí inú rẹ̀ ni ìbéèrè gbogbo wà. Igba ni òpó tí ìṣirò ńlá Yorùbá fi ẹ̀yìn tì. Igba mẹ́ta ni ẹgbẹ̀ta, ìyẹn 600. Igba mẹ́rin ni ẹgbẹ̀rin, 800. Igba márùn-ún ni ẹgbẹ̀rún, 1,000. Nítorí náà igba mẹ́fà ni ẹgbẹ̀fà, 1,200, kò sì sí ohun tó kan ẹgbẹ̀rún níbẹ̀. Láti 500 lọ, iye tó bá bọ́ sí àárín gbùngbùn igba kan sí èkejì, yíyọ la máa ń yọ ọgọ́rùn-ún kúrò lára èyí tó wà lókè: 500 jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ìyẹn 600 tí a yọ 100 kúrò nínú rẹ̀. 1,500 jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ, 1,600 tí a yọ 100 kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pe 1,500 ní láti mọ 1,600 ná. Èyí ò ni àwọn bàbá wa lára, torí pé owó ẹyọ ni wọ́n ń kà: ogójì ẹyọ ní okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000, ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, 20,000. Adolphus Mann, míṣọ́nnárì ará Jámánì tó gbé ní Ìjàyè, kọ̀wé lórí ìṣirò yìí ní 1887, kíka owó ẹyọ lòun náà sì tọ́ka sí.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọ wa. Ìbéèrè kejì tí mo bi í ni: "Nígbà tí ìwọ bá fẹ́ pe 1,200, kí lo máa ń wí?"

"Wan táósàn tú họ́ńdírẹ́ẹ̀dì."

"Nígbà gbogbo?"

Ó tún rò ó. "Rárá, mà. Tí mo bá ń bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀, mo máa ń sọ pé ẹgbẹ̀rún kan ó lé igba."

Ibí yìí ni mo ti dìde lórí àga. Ọ̀rọ̀ tí kókó rẹ̀ pín sí méjì, ìyẹn Yorùbá tó ń kú àti Gẹ̀ẹ́sì tó ń pa á, ti di mẹ́ta lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo. Ẹgbẹ̀fà wà, èyí tí ìyá àgbà ń lò. Wan táósàn wà. Láàárín wọn, ẹgbẹ̀rún kan ó lé igba wà, Yorùbá gidi ni, kò sí ọ̀rọ̀ àyálò kan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún ló fi ṣe òpó dípò igba. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá ń fi ẹgbẹ̀fà sílẹ̀ lọ bọ́ sí wan táósàn, ìtàn kan nìyẹn. Bí wọ́n bá ń fi ẹgbẹ̀fà sílẹ̀ lọ bọ́ sí ẹgbẹ̀rún kan ó lé igba, ìtàn mìíràn pátápátá ni, n ò sì rò pé ikú lorúkọ tó yẹ ẹ́. Onílé tó tún ilé rẹ̀ kọ́ ò kú.

Mo bi í léèrè èwo nínú méjèèjì ló ń ṣẹlẹ̀. Kò mọ̀. Èmi náà ò mọ̀. Ayọ̀ ni irú àìmọ̀ yẹn máa ń jẹ́ fún olùkọ́, nítorí òun ni ìbéèrè ìwádìí. Ìbéèrè tí ènìyàn ti mọ ìdáhùn rẹ̀ kó tó kúrò nílé, ìwàásù ni.

Ó lọ sílé, ó sì mú èyí bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì: "Kí ló fà á tí àwọn ọ̀dọ́ Yorùbá kò fi mọ ìṣirò Yorùbá mọ́?" Ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ihò mẹ́ta wà lára rẹ̀, mo sì máa ń rí wọn lára iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó pọ̀.

Èkíní, "kí ló fà á" ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ohun náà ti ṣẹlẹ̀. A ò tíì fi hàn pé ó ṣẹlẹ̀. A kì í wádìí ohun tó pa ẹni tí a kò tíì rí òkú rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìdí kì í fara hàn lásán. Ọmọ náà lè rò pé ilé ẹ̀kọ́ ló fà á, kí èmi rò pé owó bébà ni. Bébà igba náírà jáde ní 2000, ti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta jáde ní 2001, ti ẹgbẹ̀rún jáde ní 2005. Ó lè jẹ́ pé iye tó ní bébà tirẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn ni orúkọ rẹ̀ kì í sọnù. Àbá tó dùn ún gbọ́ ni, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó ní oṣù mélòó kan péré kò lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òun ló fà á, kì í sì í ṣe ilé ẹ̀kọ́, kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n, kì í ṣe fóònù. Ìbéèrè tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "báwo ni" tàbí "èwo ni" sàn fún un.

Èkejì, "mọ̀." Mo bi í pé, "Ṣé ìyá àgbà rẹ mọ wan táósàn?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣebí ìyá àgbà ló túmọ̀ ẹgbẹ̀fà fún un. Ó dáa, mímọ̀ àti lílò kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó mọ ẹgbẹ̀fà lè má fi pe owó fún ọdún kan gbáko. Tí o bá fẹ́ mọ ohun tí ènìyàn mọ̀, wàá jókòó tì í, wàá sì máa bi í pé kí ni 1,200, bí olùkọ́ tó ń dán ọmọ wò. Tí o bá fẹ́ mọ ohun tí ó ń lò, wàá lọ sí ibi tí ó ti ń lò ó nígbà tí kò rántí pé ẹnì kan ń gbọ́. Ó ní lílò lòun fẹ́. Mo gbà, nítorí lílò ló bí ìbéèrè rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, "àwọn ọ̀dọ́ Yorùbá." Níbo? Ọ̀dọ́ Ìbàdàn, ọ̀dọ́ Ìlọrin, ọ̀dọ́ Kétu ní Bẹ̀nẹ̀ tí Faransé wà lẹ́nu rẹ̀ dípò Gẹ̀ẹ́sì, àbí ọmọ tí wọ́n bí sí Pẹ́kámù ní Lọ́ńdọ̀n? Ó ní Ìbàdàn lòun ń gbé, òun sì máa ń lọ sí ọjà Bódìjà. Mo ní Bódìjà náà ni. Ó rò pé mo ń ṣẹ̀fẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rò pé ọjà kan ṣoṣo kéré jù, pé iṣẹ́ àpilẹ̀kọ gbọ́dọ̀ kárí ilẹ̀ Yorùbá kí ó tó níyì. Òdìkejì rẹ̀ ni mo ti rí: ẹni tó ní òun máa kárí ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ogún nínú yàrá ìgbélé ló máa fún ní ìwé ìbéèrè kún.

Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe máa gbọ́ iye owó lẹ́nu ontà tí ontà ò ní mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́ òun? Bí o bá gbé fóònù síwájú ìyá aláta, tí o ní ẹ jọ̀ọ́ mà, èdè Yorùbá ni mo ń ṣe ìwádìí lé lórí, Yorùbá tí wọ́n máa sọ fún ọ lọ́jọ́ náà, Aláàfin gan-an ò ní sọ irú rẹ̀. William Labov, onímọ̀ èdè ará Amẹ́ríkà, bá irú ìṣòro yìí pàdé ní Niu Yọ́ọ̀kì. Ó fẹ́ mọ irú àwọn ènìyàn tó ń pe ìró "r" lẹ́yìn fáwẹ̀lì. Ní 1962, ó wọ ṣọ́ọ̀bù ńlá mẹ́ta, ọ̀kan fún olówó, ọ̀kan fún àwọn tó wà láàárín, ọ̀kan fún mẹ̀kúnnù. Á kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n ń tà ní àjà kẹrin, á wá bi òṣìṣẹ́ pé níbo ni wọ́n ti ń ta nǹkan náà. Gbólóhùn tí wọ́n fi ń sọ "àjà kẹrin" ní Gẹ̀ẹ́sì ní "r" méjì nínú. Ẹni náà á dáhùn, Labov á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa, ẹni náà á tún un sọ, Labov á sì lọ sí kọ̀rọ̀ kan láti kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀. Ènìyàn 264 ló gbọ́ báyìí, kò sì gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kankan dání.

Nígbà tí mo sọ èyí fún ọmọ náà, ojú rẹ̀ là. "Mà, èmi ò tilẹ̀ nílò àjà kẹrin. 'Èló ni?' ti tó."

Bẹ́ẹ̀ ni. Oníbàárà tó bá béèrè iye ọjà kì í ṣe àjèjì fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ wàhálà kan jáde níbẹ̀ kíá. Labov ló yan gbólóhùn tó fẹ́ gbọ́. Ní ọjà, ọjà ló ń yan iye. Bí òkìtì rodo kan bá jẹ́ irinwó náírà, 400 nìkan lo máa gbọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, o ò ní gbọ́ ẹgbẹ̀fà tó gbé ọ dé ọjà. Ọjọ́ méjì la fi ro èyí. Òun fúnra rẹ̀ ló wá rí ọ̀nà: kó máa béèrè òkìtì kan, lẹ́yìn náà kó ní, "Tí mo bá mú méjì ńkọ́? Mẹ́ta ńkọ́?" Ká ní irinwó ni ọ̀kan, méjì á jẹ́ 800, mẹ́ta á jẹ́ 1,200. Iye mẹ́ta lẹ́nu ẹnì kan, láàárín ìṣẹ́jú kan. Iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ní orúkọ lọ́nà ẹgbẹ̀fà, irinwó, ẹgbẹ̀rin, ẹgbẹ̀fà; wọ́n ní orúkọ lọ́nà kejì, ọgọ́rùn-ún mẹ́rin, ọgọ́rùn-ún mẹ́jọ, ẹgbẹ̀rún kan ó lé igba; wọ́n sì ní ti Gẹ̀ẹ́sì. Tí ọjà bá gbówó lórí, iye á yí padà, ṣùgbọ́n ìlànà náà ò ní yí. Ohun kan ṣoṣo tó gbọ́dọ̀ ṣọ́ ni pé kí iye tí ó ń gbọ́ ní orúkọ mẹ́ta tó yàtọ̀ síra wọn kedere. Ẹgbẹ̀rún kan géérégé kò wúlò fún un, torí pé ẹgbẹ̀rún ni lọ́nà àtijọ́, ẹgbẹ̀rún náà ni lọ́nà tuntun.

Ibi tí mo ti rí i pé ọmọ yìí ti ń ronú bí olùwádìí ni ìgbà tó bá mi jiyàn. Mo ní kó kọ gbogbo iye tí ontà bá pè nínú ìnájà sílẹ̀. Ó ní rárá. Ó ní tí òun bá fi "sẹ́fún họ́ńdírẹ́ẹ̀dì" ná ọjà, ontà á fi Gẹ̀ẹ́sì dá òun lóhùn; tí òun bá fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ná an, ó lè fi Yorùbá dáhùn. Ohùn òun á ti ba ohùn ontà jẹ́. Òótọ́ ni. Nítorí náà a fi òfin sí i: iye tí ontà bá kọ́kọ́ pè, kí oníbàárà tó dárúkọ iye kankan, òun nìkan ni a kà. Gbogbo ohun tó bá tẹ̀ lé e, ọjà lásán ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ló sì gbọ́dọ̀ máa fi béèrè níbi gbogbo, "Èló ni, mà?" kó má bi ẹnì kan ní "háú mọ́ọ̀ṣì" kó sì bi ẹlòmíràn ní Yorùbá.

Ta ni a máa kà? Ní Bódìjà, Hausa ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta tòmátì àti àlùbọ́sà, wọ́n sì gbọ́ Yorùbá dáadáa. Bí ọ̀kan nínú wọn bá pe wan táósàn, kò sọ ohun kan fún wa nípa ọmọ tí a fi Yorùbá tọ́. A ò sọ pé kò ṣe pàtàkì, ìbéèrè tirẹ̀ ni, ẹlòmíràn lè ṣe é. Fún èyí, àwọn tí Yorùbá jẹ́ èdè àbínibí wọn nìkan ni. Ìyẹn ò ṣe é mọ̀ láìbéèrè, nítorí náà ó ní láti bá ontà sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí iye bá ti jáde. Ibẹ̀ náà ni ó ti máa sọ òótọ́ fún wọn: akẹ́kọ̀ọ́ lòun, bí ẹ ṣe ń pe owó lòun ń kọ sílẹ̀, ẹ wo ohun tí mo kọ, mi ò kọ orúkọ yín, tí ẹ ò bá fẹ́, màá fa igi lé e lójú yín. Kó tó bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ kíní, ó ti gbọ́dọ̀ lọ rí ìyálọ́jà, kó sì ti gba ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́. Mo ti rí ẹni tó fo ìgbésẹ̀ yìí, tí wọ́n pè ní ẹni tó ń bá ìjọba wá owó orí, tí wọ́n sì lé kúrò lọ́jà.

Ọjọ́ orí le díẹ̀. Àgbàlagbà ọjà kì í ka ọdún rẹ̀ fún ọmọ tí kò mọ̀ rí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tí gbogbo wọn lè fi wọn ara wọn: 1 oṣù kíní ọdún 1973, tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn. "Ṣé ẹ ná pọ́n-ùn rí, mà?" Ìbéèrè yìí kò bí ẹnikẹ́ni nínú, ìdáhùn rẹ̀ sì ń ya àwọn tó ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ sọ́tọ̀. Àwọn tó kù, ó lè bi wọ́n ní ọjọ́ orí wọn tààrà, kó pín wọn sí àwọn tí kò tíì pé ọdún márùndínlógójì àti àwọn tó wà láàárín. Ogún ènìyàn nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, ọgọ́ta lápapọ̀, iye mẹ́ta lẹ́nu ẹnì kọ̀ọ̀kan: 180 ni ohun tó máa kà.

Ṣé ó ṣeé ṣe? Ó ní òun lè bá ontà mẹ́jọ sọ̀rọ̀ ní Sátidé kan kí oòrùn tó mú. Sátidé mẹ́jọ nìyẹn. Owó ńkọ́? Kò dára kó máa béèrè iye kó sì máa lọ láìrà, ní ìsọ̀ ọgọ́ta. Bí ó bá ra òkìtì kan ní irinwó lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún náírà nìyẹn. (Ẹ wo bí èmi náà ṣe pè é. Ìyá àgbà rẹ̀ ì bá ní ọ̀kẹ́ kan ó lé ẹgbàajì.) Owó náà ga fún akẹ́kọ̀ọ́, ata yóò sì pọ̀ nílé ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n ó kéré sí owó ọkọ̀ ẹni tó ní òun máa kárí ilẹ̀ Yorùbá.

Ìbéèrè tí mo máa ń fi pamọ́ sí ìparí nìyí, òun sì ni wọ́n ń kórìíra jù: "Kí lo máa rí lọ́jà tí yóò jẹ́ kó o gbà pé o ti ṣìnà?" Ọmọ náà ní òun ò rò pé òun lè ṣìnà. Mo ní kó ya tábìlì kan sórí bébà, kó má kọ iye kankan sínú rẹ̀, ìsọ̀rí ọjọ́ orí mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀nà ìpè mẹ́ta lókè. Kó wá fi ìka tọ́ka sí bí tábìlì náà á ṣe rí tí ikú tó ń sọ bá jẹ́ òótọ́. Ó tọ́ka sí i: ẹgbẹ̀fà á pọ̀ lọ́dọ̀ àgbà, wan táósàn á pọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀dọ́. Tó bá jẹ́ irọ́ ńkọ́? Ọ̀nà kejì á pọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀dọ́, tàbí kí wan táósàn pọ̀ lọ́dọ̀ gbogbo ènìyàn, tọmọdé tàgbà. Èyí tó kẹ́yìn yìí bà á lẹ́rù. Kò rò ó rí pé àgbà lè ti máa fi Gẹ̀ẹ́sì pe owó tipẹ́tipẹ́, kó jẹ́ pé ilé nìkan ni ìyá àgbà ti ń sọ ẹgbẹ̀fà. Tí gbogbo ọ̀nà tí tábìlì lè gbà kún bá jẹ́ kí o yọ̀, kò sí ohun tí tábìlì náà fẹ́ kọ́ ọ.

Ohun kan tún wà tí tábìlì yẹn ò lè sọ, bó ti wù kó kún tó. Bí àwọn àgbà bá ń pe ẹgbẹ̀fà tí àwọn ọ̀dọ́ kò sì pè é, ó lè jẹ́ pé èdè ń yí padà. Ó sì lè jẹ́ pé ọjọ́ orí ló ń mú ẹgbẹ̀fà wá, pé ọmọ ogún ọdún tó ń pe wan táósàn lónìí yóò máa pe ẹgbẹ̀fà nígbà tí ó bá ti lo ogún ọdún nídìí ọjà, bí ènìyàn ṣe ń mọ òwe pa bí ó ṣe ń dàgbà. Ẹni tó gbọ́ ohùn wọn láàárín oṣù méjì péré kò lè fi gbogbo ẹnu ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan lè ràn án lọ́wọ́ níwọ̀nba: "Láti ìgbà wo ni ẹ ti ń tà?" Bí ọmọdébìnrin tó bá ìyá rẹ̀ dàgbà nídìí ata bá ń pè é yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ rẹ̀ tó dé ọjà lọ́dún tó kọjá, iṣẹ́ ọjà ló ń kọ́ni nìyẹn, ó kéré tán lápá kan. Ó fi ìlà kan kún bébà rẹ̀ fún èyí. Mo ní kó má fi ìkejì kún un.

Ìbéèrè tó gbé wá sí ìpàdé ẹ̀ka nìyí, mo sì kọ ọ́ síbí bó ṣe kọ ọ́: "Nígbà tí àwọn ontà ní ọjà Bódìjà, tí Yorùbá jẹ́ èdè àbínibí wọn, bá kọ́kọ́ ń dá iye ọjà fún oníbàárà tó fi Yorùbá béèrè, èwo nínú ọ̀nà ìpè mẹ́ta ni wọ́n ń lò fún iye owó tó wà láàárín igba àti ẹgbàá náírà, ṣé ìyàtọ̀ sì wà láàárín àwọn tó ná pọ́n-ùn rí àti àwọn tí kò ná an rí?"

Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ ní ibo ni ikú èdè wọ̀ níbẹ̀. Ó fèsì pé ikú èdè ló gbé òun dé ibẹ̀, òun ò sì mọ̀ bóyá òun máa bá a níbẹ̀. Wọ́n gbà á.

Sátidé àkọ́kọ́, tí a fi ṣe ìdánwò lásán kí iṣẹ́ gangan tó bẹ̀rẹ̀, ó pè mí láti ọjà. Ontà mẹ́fà ló ti bá sọ̀rọ̀, gbogbo wọn ló sì rí ibi kọ sí nínú tábìlì, àfi ìyá arúgbó kan tó ń ta ilá. Ó bi í ní iye òkìtì mẹ́ta, ìyá ní, "Ẹgbẹ̀ta pọ́n-ùn." Ọmọ náà ò mọ ohun tó máa ṣe. Náírà méjì ni pọ́n-ùn kan nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó. Ẹgbẹ̀ta lọ́nà méjì, 1,200 náà ló jẹ́. Ìyá yìí kò pe ẹgbẹ̀fà, kò pe ẹgbẹ̀rún kan ó lé igba, kò sì fi Gẹ̀ẹ́sì kà á, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pọ́n-ùn, owó tí ẹnikẹ́ni kò ná mọ́ láti 1973 sì ni.

"Mà," ó ní, "inú ìsọ̀rí wo ni kí n kọ ọ́ sí?"

Mo ní kó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn bébà ná, kó sì bi ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.